Bí a ṣe ń fi ààlà máàkì mọ iye tí sikọ́láṣíìpù fi kún owó tí èèyàn ń pa

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: "A ní máàkì ìdánwò, a mọ àwọn tó gba sikọ́láṣíìpù, a sì mọ iye tí kálukú ń pa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ṣé ká kàn fi àròpín àwọn tó gbà á wé ti àwọn tí kò gbà á ni?"

Rárá o. Ọmọ tó gba 85 àti ọmọ tó gba 50 ti yàtọ̀ síra kí sikọ́láṣíìpù tó dé. Ilé tó ní ìwé, olùkọ́ tó mọṣẹ́, orí tó tètè ń gba nǹkan, gbogbo rẹ̀ ló ti wà nínú máàkì yẹn, gbogbo rẹ̀ ló sì máa bá ọmọ náà dé ibi iṣẹ́. Ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ sikọ́láṣíìpù nínú wọn.

Ààlà ló máa gbà yín. Bí òfin bá ní ẹni tó bá ní 70 sókè ni yóò gbà á, ọmọ tó ní 69 àti èyí tó ní 70 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Ìbéèrè kan péré, tàbí orí tó ń fọ́ni láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ló là wọ́n. Bí owó tí wọ́n ń pa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá bá wá fò lójijì ní 70 yẹn, fífò náà la ń wá. Rìgírẹ́ṣọ̀n dìsìkọ̀ntinúítì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èmi á máa pè é ní ọ̀nà ojú ààlà.

Gbogbo nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí, èmi ni mo ṣe é kí ìṣirò lè hàn. Kì í ṣe ti ètò kankan.

## Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà

Ẹ bi àwọn tó ṣètò sikọ́láṣíìpù náà ní ìbéèrè mẹ́rin yìí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀:

- Ṣé máàkì tó wà lọ́wọ́ wa gan-an ni wọ́n fi pín in, àbí wọ́n ti ṣe é ní odidi kí wọ́n tó fún wa?
- Ṣé ẹnì kan lè tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e?
- Ṣé ààlà náà kì í yí padà láti ọdún dé ọdún?
- Ṣé nǹkan mìíràn tún wà tó ń bẹ̀rẹ̀ ní máàkì kan náà?

Ìbéèrè kẹrin ló ń pa iṣẹ́ jù. Bí 70 bá tún jẹ́ máàkì tí ilé ẹ̀kọ́ gíga fi ń gba ọmọ wọlé, fífò tí ẹ máa rí jẹ́ ti méjèèjì pa pọ̀, kò sì sí ìṣirò kankan tó lè yà wọ́n. Ẹ wá ètò mìíràn, tàbí kí ẹ sọ gbangba pé ohun méjì lẹ jọ ń wọ̀n.

Ní ti àtúnṣe ìdánwò, ìlò máàkì tó ga jù ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀. Ọmọ tó gba 68 tó padà wá gba 71 ti fi ìtara tirẹ̀ sọdá. Máàkì ìgbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ lò fún gbogbo èèyàn. Àwọn tó padà wá gbà á lẹ́yìn náà, a máa bójú tó wọn ní ìgbésẹ̀ kẹfà.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yí máàkì padà sí jíjìnnà sí ààlà

Ẹ yọ ààlà ọdún kọ̀ọ̀kan kúrò nínú máàkì ọdún náà. Ẹni tó gba 73 lọ́dún tí ààlà jẹ́ 70 di 3. Ẹni tó gba 64 lọ́dún tí ààlà jẹ́ 66 di −2. Báyìí ni ọdún púpọ̀ ṣe lè wọ inú dátà kan. Bí ọdún bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ lè fi máàkì sílẹ̀ bó ṣe wà, bí mo ṣe ṣe níhìn-ín.

Ẹ ṣọ́ra fún máàkì tí wọ́n ti sọ di odidi. Bí 69.5 bá ti di 70 lórí ìwé, 69.5 ni ààlà tòótọ́, máàkì tí wọn kò tíì sọ di odidi ló sì yẹ kí ẹ béèrè fún.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka orí ní máàkì kọ̀ọ̀kan

Kí ẹ tó wo owó rárá, ẹ ka iye èèyàn tó wà ní máàkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo èyí:

| Máàkì | Iye èèyàn |
|---|---|
| 66 | 412 |
| 67 | 405 |
| 68 | 398 |
| 69 | 291 |
| 70 | 485 |
| 71 | 380 |

Iye náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi méje ní máàkì kọ̀ọ̀kan. Ní 69, ó yẹ ká rí bíi 391, àmọ́ 291 la rí. Ní 70, ó yẹ ká rí bíi 385, àmọ́ 485 ló wà níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ti ká ẹsẹ̀ kúrò ní 69 wọ 70. Ẹnì kan ló ń tì wọ́n: olùmáàkì tó ṣàánú ọmọ tó ku máàkì kan, tàbí òbí tó lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ìwé yẹ̀ wò.

Kì í ṣe iye wọn nìkan ló ń bani lẹ́rù. Àwọn tí wọ́n tì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣà láìwojú: òbí tó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bẹ̀bẹ̀ náà ló mọ ọ̀nà tí ọmọ ń gbà ríṣẹ́. Ní báyìí, ẹni 69 àti ẹni 70 kì í ṣe ọgbọọgba mọ́.

Kí ni ṣíṣe?

1. Ẹ béèrè bóyá máàkì àkọ́kọ́, kí wọ́n tó tún ìwé yẹ̀ wò, ṣì wà. Bó bá wà, òun ni kí ẹ lò. Àwọn tí wọ́n tì máa padà sí 69 tiwọn, a ó sì kà wọ́n sí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ààlà tó tún rí sikọ́láṣíìpù gbà. Èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo ọgbọ́n yòókù lọ.
2. Bí kò bá sí, ẹ yọ 69 àti 70 kúrò, kí ẹ fi ìyókù ṣe é. Ó ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ ti ń méfò ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibi tó ṣe pàtàkì jù.
3. Bí ìtìkútì bá dé 66 tàbí 65, ẹ fi ọ̀nà yìí sílẹ̀.

Pákéèjì `rddensity` inú R máa ń ṣe ìdánwò yìí, àmọ́ bí máàkì bá jẹ́ odidi, ojú yín lórí tábìlì ṣì ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́kàn lé.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo ohun tó ti wà kí ìdánwò tó wáyé

Ọjọ́ orí, ìwé tí òbí kà, máàkì ilé ìwé àtijọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin. Sikọ́láṣíìpù kò lè yí ìkankan padà nínú wọn, torí náà kò yẹ kí ìkankan fò ní ààlà. Ìṣirò tí ẹ máa ṣe fún owó ní ìgbésẹ̀ karùn-ún ni kí ẹ ṣe fún wọn. Bí ẹ bá yẹ ogún nǹkan wò, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan fò lásán. Bí ìwé tí òbí kà àti máàkì àtijọ́ bá jọ fò sókè pa pọ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ya àwòrán

Ẹ wá àròpín owó ní máàkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àmì kan sí i. Nínú àwọn kóòdù R ìsàlẹ̀ yìí, `d` ni dátà yín, `maaki` ni máàkì, `owo` ni owó, `gba` sì jẹ́ 1 fún ẹni tó gba sikọ́láṣíìpù, 0 fún ẹni tí kò gbà á. Bí fífò náà kò bá hàn sí ojú lásán, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìṣirò parọ́ fún yín pé ó tóbi.

```r
library(rdrobust)
plot(aggregate(owo ~ maaki, data = d, FUN = mean))
```

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wọn fífò náà

Ẹ yan àwọn tó sún mọ́ ààlà nìkan. Mo ń pe ibi tí wọ́n wà yìí ní fèrèsé. Ká ní fèrèsé wa jẹ́ 62 sí 77, máàkì mẹ́jọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á ní, "Gbogbo wọn ṣáà ti sún mọ́ra," wọ́n á wá yọ àròpín òsì kúrò nínú àròpín ọ̀tún. Ẹ jẹ́ ká ṣe é wò. Lápá òsì, àwọn ẹni 62 ń pa 352,000 lọ́dún, owó náà sì ń fi 6,000 gòkè ní máàkì kọ̀ọ̀kan. Lápá ọ̀tún, àwọn ẹni 77 ń pa 473,200, ìgòkè 6,000 kan náà ló sì wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá pọ̀ tó ara wọn ní gbogbo máàkì, àròpín òsì jẹ́ 373,000, ti ọ̀tún jẹ́ 452,200. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 79,200.

Ẹ wá fa ìlà méjì dípò rẹ̀, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n bá ara wọn ní 70. Ìlà òsì gòkè dé 400,000. Ìlà ọ̀tún, bí a bá tẹ̀ lé e sẹ́yìn láti 77, sọ̀ kalẹ̀ sí 431,200. Fífò náà jẹ́ 31,200. Gbogbo 48,000 tó kù nínú 79,200 yẹn, ìgòkè tí máàkì fúnra rẹ̀ ń mú wá ni. Sikọ́láṣíìpù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ń ṣe ohun kan náà, ó sì tún ń ka ẹni tó sún mọ́ 70 sí ju ẹni tó jìnnà lọ:

```r
summary(rdrobust(y = d$owo, x = d$maaki, c = 70, all = TRUE))
```

Òun fúnra rẹ̀ ló máa yan bí fèrèsé ṣe máa fẹ̀ tó. Iye fífò wà lórí ìlà `Conventional`, àmọ́ àlàfo àìdájú, ìyẹn láti iye tó kéré jù dé iye tó pọ̀ jù tí fífò tòótọ́ lè jẹ́, ti `Robust` ni kí ẹ gbé jáde, torí òun ló ṣírò mọ́ ọn pé ìlà tààrà kò lè bá ayé mu pátápátá.

Àwọn nǹkan tí kò yẹ kí ẹ ṣe níbí:

- Ẹ má ṣe lo gbogbo máàkì láti 0 dé 100 kí ẹ wá fi ìlà oníkọ́rọkọ̀rọ alágbára mẹ́rin tàbí márùn-ún bò ó. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ń yí ìrù rẹ̀ sókè sódò ní ibi tí ó parí sí, ojú ààlà gan-an sì ni ibi tí ó parí sí. Ẹni tó gba 12 kò yẹ kó lágbára lórí ohun tí ẹ ń sọ nípa 70.
- Ẹ má ṣe gbé fèrèsé yí títí tí èsì á fi wù yín. Ẹ fi èyí tí kọ̀ǹpútà yàn sílẹ̀, tàbí kí ẹ yan tiyín kí ẹ tó rí owó.
- Bí máàkì bá jẹ́ odidi, ẹ má ṣe kó àwọn tó ní máàkì kan náà jọ sí agbo kan láti fi ṣírò àìdájú. Agbo díẹ̀ ló máa wà nínú fèrèsé, àlàfo tó máa jáde sì sábà máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Pákéèjì `RDHonest` ni kí ẹ lò nígbà tí máàkì inú fèrèsé kò bá tó nǹkan. Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ fún un bí ìlà ṣe lè tẹ̀ tó.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ pín fífò owó fún fífò ìgbàgbà

Àwọn kan yege, wọn kò gbà á: ìwé kò dé ọ̀dọ̀ wọn, tàbí wọ́n kó lọ síbòmíràn. Àwọn kan kò yege, wọ́n gbà á lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ tàbí nígbà tí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ká ní lókè ààlà gan-an, 84 nínú 100 gbà á. Nísàlẹ̀ rẹ̀, 6 nínú 100. Ààlà náà sún èèyàn 78 nínú 100 wọ inú sikọ́láṣíìpù. Torí náà fífò 31,200 yẹn, 78 nínú ọgọ́rùn-ún yìí ló gbé gbogbo rẹ̀ wá: 31,200 tí a pín fún 0.78 jẹ́ 40,000.

```r
summary(rdrobust(y = d$owo, x = d$maaki, c = 70,
                 fuzzy = d$gba))
```

Nǹkan méjì lèmi máa ń gbé jáde nígbà gbogbo, 31,200 àti 40,000. Èkíní jẹ́ ohun tí yíyege ṣe. Ìkejì jẹ́ ohun tí sikọ́láṣíìpù ṣe fún ẹni tó gbà á torí pé ó yege, ó sì rọ̀ mọ́ ohun kan tí ìkíní kò rọ̀ mọ́: pé yíyege kò ṣe ẹni tí kò gbà á ní àǹfààní kankan. Bí àwọn èèyàn bá ń kọ ọ́ sínú ìwé wíwáṣẹ́ pé àwọn yege, kódà nígbà tí wọn kò gba kọ́bọ̀, 40,000 yẹn ti pọ̀ jù.

Bí fífò ìgbàgbà bá kéré, bíi 8 nínú 100, ẹ má ṣe pín in. Nọ́ńbà kékeré nísàlẹ̀ ìdá máa ń sọ àṣìṣe kékeré di ńlá. Ẹ fi ti yíyege nìkan sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 7: Owó tí ẹ kò rí

Ibí ni mo ti rí iṣẹ́ tó bàjẹ́ jù, tèmi náà wà níbẹ̀. Nígbà kan, mo fẹ́ lo lọ́ọ̀gì owó kí èsì lè jáde gẹ́gẹ́ bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́ọ̀gì kò gba 0, mo bá yọ àwọn tí owó wọn jẹ́ 0 kúrò. Ohun tó jáde ni pé sikọ́láṣíìpù ń dín owó èèyàn kù! Ọjọ́ méjì ni mo fi wá àṣìṣe nínú kóòdù kí n tó rí i pé nínú dátà ló wà. Sikọ́láṣíìpù ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹni tí ì bá má ríṣẹ́ rí iṣẹ́ owó kékeré. Lókè ààlà, àwọn yìí wà nínú àròpín. Nísàlẹ̀, irú wọn ò níṣẹ́, èmi sì ti lé wọn jáde, àròpín ìsàlẹ̀ bá wú. Látìgbà náà, mo fi 0 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 0, mo ń ṣe ìṣirò pẹ̀lú owó gan-an, bí mo bá sì fẹ́ ìdá, mo máa fi fífò náà pín fún 400,000 tó wà lápá òsì ààlà.

Àmọ́ 0 yàtọ̀ sí òfìfo. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé owó orí lè má níṣẹ́, ó lè wà lókè òkun, ó lè ń ṣòwò tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ó sì lè ti kú. Ẹ má ṣe fi 0 dí gbogbo òfìfo.

Ohun tí ẹ máa ṣe:

1. Ẹ ṣe òpó tuntun kan, `ri`, tó jẹ́ 1 bí ẹ bá rí owó ẹni náà, 0 bí ẹ kò bá rí i. Ẹ wọn fífò rẹ̀ ní ààlà bí ẹ ṣe wọn ti owó.
2. Bí kò bá fò, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ nínú ìwé yín.
3. Bó bá fò, ẹ ṣírò ibi tó lè kéré dé àti ibi tó lè pọ̀ dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìkẹta. Nínú 1,000 èèyàn lókè ààlà gan-an, a rí owó 910. Nínú 1,000 nísàlẹ̀, a rí 850. Ọgọ́ta èèyàn lókè ni a rí torí sikọ́láṣíìpù nìkan, a ò sì mọ̀ wọ́n láàárín 910 náà. Ká kọ́kọ́ ní àwọn ni wọ́n ń pa owó tó pọ̀ jù: ẹ yọ ẹni 60 tó lówó jù kúrò lókè, ìyẹn bíi 6.6 nínú 100, kí ẹ tún fífò wọ̀n. Èyí ni ibi tó lè kéré dé. Lẹ́yìn náà, ẹ dá wọn padà, kí ẹ yọ ẹni 60 tí owó wọn kéré jù. Èyí ni ibi tó lè pọ̀ dé. Bí èyí tó kéré jù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 0, òtítọ́ inú dátà yín ni pé ẹ ò lè búra pé sikọ́láṣíìpù náà fi nǹkan kan kún owó. Ọ̀nà yìí gbà pé sikọ́láṣíìpù lè mú èèyàn wọ inú ìwé owó orí, àmọ́ kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Bó bá jẹ́ pé ó ń rán àwọn kan lọ sókè òkun, kò bá tiyín mu.

Àkókò náà ń tanni jẹ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìdánwò, ẹni tó gba sikọ́láṣíìpù lè ṣì wà lórí àga kíláàsì nígbà tí ojúgbà rẹ̀ ti ń gbowó oṣù. Owó á wá fò lọ sísàlẹ̀ ní ààlà. Ẹ máa ka ọdún láti ọjọ́ ìdánwò fún gbogbo èèyàn, ẹ má ṣe kà á láti ọjọ́ tí kálukú jáde ilé ìwé, torí sikọ́láṣíìpù fúnra rẹ̀ ń yí ọjọ́ ìjáde padà.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbìyànjú láti ba èsì yín jẹ́

- Ẹ ṣe bí ẹni pé ààlà wà ní 64, kí ẹ lo àwọn ẹni ìsàlẹ̀ 70 nìkan. Kò yẹ kí nǹkan kan fò.
- Ẹ lo ìdajì fèrèsé, kí ẹ tún lo ìlọ́po méjì rẹ̀. Iye lè mì. Kò yẹ kó yí padà di nǹkan mìíràn.
- Ẹ wo ẹni mẹ́ta tó lówó jù nínú fèrèsé. Bí yíyọ wọn bá mú 31,200 di 9,000, ẹni mẹ́ta ni ẹ ti ń wọ̀n látàárọ̀. Ẹ gé owó mọ́ ibi kan tí ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀ ní òkè, kí ẹ sì gbé èsì méjèèjì jáde.

## Bí ẹ ṣe máa kọ èsì sílẹ̀

Ká ní ìwọ̀n àìdájú fífò wa jẹ́ 12,000. Bí a bá fi ìlọ́po 1.96 rẹ̀ kún 31,200, tí a sì tún yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, àlàfo náà máa lọ láti bíi 7,700 dé 54,700. Lẹ́yìn pípín fún 0.78, ó di bíi 10,000 sí 70,000. Ẹ rí i bó ṣe fẹ̀ tó, síbẹ̀ a ní èèyàn bíi irínwó ní máàkì kọ̀ọ̀kan. Owó tí èèyàn ń pa máa ń yàtọ̀ síra gan-an, torí náà ẹni tó ní irínwó èèyàn nínú gbogbo fèrèsé rẹ̀ kò lè retí pé òun máa rí nǹkan tó dájú.

Èmi á kọ ọ́ báyìí: "Láàárín àwọn tí máàkì wọn wà ní ojú 70, tí wọ́n gba sikọ́láṣíìpù torí pé wọ́n yege, ó fi bíi 40,000 kún owó tí wọ́n ń pa lọ́dún kẹwàá lẹ́yìn ìdánwò, lórí 400,000, ó lè kéré dé 10,000, ó sì lè tó 70,000." Bí ẹnì kan bá wá béèrè ohun tó ṣe fún ẹni tó gba 95, tàbí ohun tó máa ṣe bí wọ́n bá sọ ààlà kalẹ̀ sí 50, ẹ sọ fún un pé kò sí ẹni 95 kankan tí kò yege tí ẹ lè fi wé e, ẹni 50 kankan kò sì yege.